Àkọ́sórí Kọ̀ǹpútà: Ìdí tí Ẹ̀rọ fi ń Gba Máàkì Kíkún Nínú Ìbéèrè Àtijọ́, tí ó sì ń Fìdí Rẹmi Nínú Tuntun

Ní Abẹ́òkúta lónìí, kò ṣòro láti pàdé ọ̀dọ́ tí yóò fi ètò kan hàn yín lórí fóònù rẹ̀, tí yóò sì sọ pé ètò náà mọ ẹgbẹ́ tí yóò borí nínú bọ́ọ̀lù ọjọ́ Sátidé. Ẹni tí ó tà á fún un ti ṣàlàyé pé kọ̀ǹpútà ni wọ́n kọ́ ní ẹ̀kọ́, pé wọ́n fi ìdíje sáà tó kọjá dán an wò, àti pé ó mọ 97 nínú 100. Ọ̀dọ́ náà kó owó lọ sí ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ ní Pánṣẹ́kẹ́, ó sì pàdánù rẹ̀. Ohun tí ó ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú níbẹ̀ ni pé ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ta ètò náà má purọ́ rárá. Ó lè jẹ́ òtítọ́ pé kọ̀ǹpútà náà mọ 97 nínú 100, kí ó sì tún jẹ́ òtítọ́ pé kò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù Sátidé tó ń bọ̀.

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe ohun tó fa èyí ni ófafítínì. Nínú àlàyé yìí, àkọ́sórí ni a ó máa pè é, nítorí pé ohun tí ó jẹ́ gan-an nìyẹn: ẹ̀rọ ti kọ́ àpẹẹrẹ tí wọ́n fún un sórí, kò sì kọ́ iṣẹ́ tí àpẹẹrẹ náà wà fún. Kò sí ìṣirò tó le nínú àlàyé náà. Ẹni tó bá lè ro ìròpọ̀ àti ìyọkúrò lè bá wa dé ìparí rẹ̀.

Kí ni ó túmọ̀ sí pé kọ̀ǹpútà kẹ́kọ̀ọ́?

Nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti tẹ́lẹ̀, ènìyàn ni ó ń kọ òfin sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Bí ó bá jẹ́ ètò tí ń ṣírò owó oṣù ni, ẹni tó kọ ètò náà ni yóò sọ pé kí ẹ̀rọ mú iye ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ fi ṣiṣẹ́, kí ó fi owó ọjọ́ kan sọ ọ́ di púpọ̀, kí ó sì yọ owó orí kúrò. Ẹ̀rọ kò ní ohun mìíràn láti ṣe ju kí ó tẹ̀lé òfin náà lọ.

Ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ gba ọ̀nà mìíràn. Níbẹ̀, ènìyàn kì í kọ òfin. Àpẹẹrẹ ni ó ń kó jọ, àpẹẹrẹ kọ̀ọ̀kan sì ní ìbéèrè àti ìdáhùn tirẹ̀. Ìbéèrè lè jẹ́ àwòrán, kí ìdáhùn jẹ́ orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù méjì tó pàdé, kí ìdáhùn jẹ́ ẹni tó borí. Ẹ̀rọ ni yóò wá òfin tí ó so ìbéèrè pọ̀ mọ́ ìdáhùn fúnra rẹ̀. Òfin tí ó bá rí yìí ni à ń pè ní mọ́dẹ̀lì.

Nọ́ńbà ló kún inú mọ́dẹ̀lì. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn nọ́ńbà náà kò ní ìtumọ̀, nítorí náà ìdáhùn àkọ́kọ́ tí mọ́dẹ̀lì yóò fúnni yóò kàn jẹ́ méfò. Ẹ̀rọ yóò gbé ìdáhùn yẹn sí ẹ̀gbẹ́ ìdáhùn tòótọ́, yóò wo bí àṣìṣe náà ti tóbi tó, yóò sì yí àwọn nọ́ńbà inú mọ́dẹ̀lì padà díẹ̀ kí àṣìṣe náà lè dínkù. Lẹ́yìn náà, yóò tún gbìyànjú, yóò tún yí wọn padà, títí tí yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ẹgbẹ̀rún ìgbà.

Ẹ kíyèsí ohun kan níbí, nítorí pé orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n rán ẹ̀rọ ni pé kí ó dín àṣìṣe kù *lórí àwọn àpẹẹrẹ tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀*. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé kí ó lóye ọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tó lè sọ ọ́ fún un ní èdè tí yóò gbọ́. Bí ọ̀nà méjì bá wà láti dín àṣìṣe yẹn kù, tí ọ̀kan jẹ́ òye, tí èkejì sì jẹ́ àkọ́sórí, méjèèjì dọ́gba lójú ẹ̀rọ.

Níbo ni ìwé ìbéèrè àtijọ́ ti wọ ọ̀rọ̀ náà?

Gbogbo ẹni tó ti jókòó ṣe ìdánwò JAMB rí ló mọ ìwé ìbéèrè àtijọ́. Ìwé náà wà lọ́wọ́ àwọn tí ń ta ìwé ní Sápọ́n àti ní Kútọ̀, ìbéèrè ọdún pípẹ́ ló wà nínú rẹ̀, ìdáhùn sì wà lẹ́yìn. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní ìdáhùn mẹ́rin tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò mú ọ̀kan nínú wọn, láti A dé D.

Ẹ jẹ́ ká mú akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí wọ́n ra ìwé kan náà. Àkọ́kọ́ ń ka ìbéèrè, ó ń wo bí wọ́n ṣe rí ìdáhùn, ó sì ń gbìyànjú láti ṣe é fúnra rẹ̀ lórí pépà. Èkejì kò ní àkókò fún ìyẹn. Ó ń ka ìbéèrè, ó ń wo ẹ̀yìn ìwé, ó sì ń kì í bí ẹni ń kì oríkì: ìkẹrìnlá C ni, ìkẹẹ̀ẹ́dógún A ni. Nínú ìwé náà, ó rí ìbéèrè kan tó sọ pé ẹnì kan ra ọjà ní ₦800, ó sì tà á ní ₦1,000, kí ni èrè rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún? Ìdáhùn jẹ́ 25. Akẹ́kọ̀ọ́ kejì yìí kò wo bí wọ́n ṣe rí 25. Ohun tí ó kọ́ ni pé bí ọ̀rọ̀ “ra” àti “tà” àti “èrè” bá ti pàdé nínú ìbéèrè kan, 25 ni kí òun wá.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdánwò, olùkọ́ wọn pè wọ́n, ó sì bi wọ́n ní ọgọ́rùn-ún ìbéèrè láti inú ìwé kan náà. Akẹ́kọ̀ọ́ kejì gba 100. Akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ṣe àṣìṣe níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, ó gba 78. Bí olùkọ́ náà kò bá ní nǹkan mìíràn láti wò ju máàkì yìí lọ, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ bí ó bá sọ fún àwọn òbí pé akẹ́kọ̀ọ́ kejì ni ọ̀pá ìdiwọ̀n kíláàsì.

Ọjọ́ ìdánwò dé, ìbéèrè sì wá báyìí: ẹnì kan ra ọjà ní ₦500, ó tà á ní ₦600. Akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ mọ̀ pé èrè náà jẹ́ ₦100, ó pín in fún 500, ó sì mú 20. Akẹ́kọ̀ọ́ kejì rí “ra”, ó rí “tà”, ó rí “èrè”, ó wo inú ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, 25 sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, nítorí pé àwọn tó ń ṣe ìbéèrè mọ ohun tí alákọ̀ọ́sórí yóò wá. Ó mú un tayọ̀tayọ̀. Nínú àwọn ìbéèrè tí kò jọ èyí tó wà nínú ìwé rárá, méfò nìkan ni ó kù fún un, méfò nínú ìdáhùn mẹ́rin sì ń mú ẹyọ kan nínú mẹ́rin lápapọ̀.

Bí a bá fi mọ́dẹ̀lì rọ́pò akẹ́kọ̀ọ́ kejì yìí, a ti sọ ohun tí àkọ́sórí kọ̀ǹpútà jẹ́. Àwọn àpẹẹrẹ tí wọ́n fi kọ́ ọ ni ìwé ìbéèrè àtijọ́. Máàkì 100 tí ó gbà lọ́wọ́ olùkọ́ ni 97 tí ẹni tó ta ètò tẹ́tẹ́ ń fọ́nnu lé lórí. Gbọ̀ngán ìdánwò sì ni ọjọ́ Sátidé.

Báwo ni nọ́ńbà ṣe lè kọ́ nǹkan sórí?

Ibí ni ó sábà máa ń ṣókùnkùn sí ènìyàn. Ó yé wa pé ọmọ ènìyàn lè há nǹkan sórí, ṣùgbọ́n báwo ni ti nọ́ńbà? Ẹ jẹ́ ká fi iye kékeré ṣe é, kí a lè fojú rí i.

Ká ní olùkọ́ ìṣirò kan ní Ìbàrà fẹ́ mọ bí iye wákàtí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kàwé lóòjọ́ ṣe kan máàkì rẹ̀. Ó mú akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. Ẹni tó ń kàwé fún wákàtí 1 gba 40. Ẹni tó ń lo wákàtí 2 gba 52, ẹni wákàtí 3 gba 49, ẹni wákàtí 4 gba 63, ẹni wákàtí 5 sì gba 66. Ẹ ó rí i pé máàkì ń gòkè bí wákàtí ṣe ń pọ̀ sí i, àfi pé ẹni kẹta gba ohun tó kéré sí ti ẹni kejì. Olùkọ́ mọ ìdí rẹ̀: ibà ń ṣe ẹni kẹta lọ́jọ́ ìdánwò, nígbà tí ẹ̀gbọ́n ẹni kejì sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ ní orí kan lálẹ́ àná tí ó wá jáde nínú ìbéèrè. Èèṣì ni méjèèjì. Èèṣì bẹ́ẹ̀ kò ní tún ara rẹ̀ ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn.

Mọ́dẹ̀lì àkọ́kọ́ tí a lè ṣe kò ní ju nọ́ńbà kan ṣoṣo lọ nínú. Ó ro máàkì márààrún pọ̀, ó jẹ́ 270, ó pín in sí márùn-ún, ó rí 54, ó sì sọ pé 54 ni ẹnikẹ́ni yóò máa gbà, ìbáà kàwé, ìbáà sùn. Bí a bá gbé 54 yìí sí ẹ̀gbẹ́ máàkì tòótọ́, yóò fi 14, 2, 5, 9 àti 12 ṣìnà, èyí tó jẹ́ 8.4 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìpíndọ́gba. Mọ́dẹ̀lì yìí kò kọ́ nǹkan sórí, ṣùgbọ́n kò kọ́ nǹkan kan rárá náà ni.

Mọ́dẹ̀lì kejì ní nọ́ńbà méjì. Ó fa ìlà tààrà kọjá láàárín àwọn máàkì náà: bẹ̀rẹ̀ láti 35.1, kí o sì fi 6.3 kún un fún wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ìlà yìí kò bá ẹnikẹ́ni nínú àwọn márùn-ún náà mu géérégé, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ gbogbo wọn. Àṣìṣe rẹ̀ jẹ́ 2.8 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìpíndọ́gba.

Mọ́dẹ̀lì kẹta ní nọ́ńbà márùn-ún nínú, ìlà rẹ̀ sì lè wọ́ síhìn-ín, kí ó wọ́ sọ́hùn-ún. Nítorí pé nọ́ńbà tó ní dọ́gba pẹ̀lú iye akẹ́kọ̀ọ́, kò sí bí máàkì wọn ṣe lè rí tí ìlà náà kò ní lè gba orí gbogbo wọn kọjá. Ó gba orí 40, ó gòkè lọ sí 52, ó sọ̀ kalẹ̀ sí 49, ó tún gòkè lọ sí 63 àti 66. Àṣìṣe rẹ̀ jẹ́ òdo. Bí ẹ bá bi ẹ̀rọ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dín àṣìṣe kù, èyí ni yóò mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, yóò sì mú un láìṣiyèméjì.

Akẹ́kọ̀ọ́ kẹfà wá dé. Wákàtí 6 ni ó fi ń kàwé lóòjọ́, ó sì gba 71. Mọ́dẹ̀lì àkọ́kọ́ ti sọ pé 54 ni yóò gbà, ó fi 17 ṣìnà. Mọ́dẹ̀lì kejì ti sọ pé 72.9, kò tilẹ̀ fi máàkì méjì pé ṣìnà. Mọ́dẹ̀lì kẹta, tí àṣìṣe rẹ̀ jẹ́ òdo, sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò gba −30, ìyẹn ni pé kí ó jẹ ilé ẹ̀kọ́ ní gbèsè ọgbọ̀n máàkì. Ẹni tó bá ní bírò àti pépà lè ṣe é wò. Kò tilẹ̀ dìgbà tí a bá dé wákàtí 6: fún ẹni tó ń kàwé fún wákàtí márùn-ún ààbọ̀, mọ́dẹ̀lì kan náà sọ pé 38 ni yóò gbà, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni wákàtí márùn-ún gba 66.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Láti gba orí 52 àti 49 kọjá géérégé, ìlà náà ní láti wọ́ gidigidi. Ó mú ibà ẹni kẹta bí ẹni pé ó jẹ́ apá kan òfin ìwé kíkà, ó sì mú oríire ẹni kejì bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Wíwọ́ tí ó wọ́ níbẹ̀ kò dúró síbẹ̀; ó ń bá ìlà náà lọ sí ibi tí kò sí àpẹẹrẹ, ibẹ̀ ni ó sì ti ń mú ìdáhùn tí kò bọ́gbọ́n mu wá. Ohun tí àkọ́sórí jẹ́ nínú nọ́ńbà nìyẹn: mọ́dẹ̀lì ti fi àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ pamọ́ fún èèṣì, ó sì ń lo èèṣì ẹnì kan láti fi dájọ́ fún ẹlòmíràn.

Ṣé kọ̀ǹpútà lè kọ́ irọ́ sórí?

Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn onímọ̀ sì ti fi hàn. Ní ọdún 2016, Chiyuan Zhang àti àwọn mẹ́rin mìíràn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ mú àkójọ àwòrán kan tí wọ́n ń pè ní CIFAR-10. Àwòrán kéékèèké 50,000 ni wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀rọ nínú rẹ̀, ọ̀nà mẹ́wàá sì ni wọ́n pín wọn sí: ológbò, ajá, ẹyẹ, ọkọ̀ òfuurufú àti àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá da ìdáhùn rú pátápátá. Wọ́n ṣẹ́ kèké lórí orúkọ tí àwòrán kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹ kan ń jẹ́ ọkọ̀ ojú omi, tí ẹyẹ mìíràn tó jọ ọ́ sì ń jẹ́ ajá. Ó dà bí ìgbà tí ẹni tó tẹ ìwé ìbéèrè àtijọ́ bá to ìdáhùn ẹ̀yìn ìwé bó ṣe wù ú, láìka ìbéèrè sí.

Nínú ìwé bẹ́ẹ̀, kò sí òye kankan láti rí. Síbẹ̀, mọ́dẹ̀lì wọn kọ́ ọ, ó sì mọ gbogbo orúkọ èké àwọn àwòrán náà láìkù síbì kan. Nígbà tí wọ́n fi àwòrán tí kò rí rí hàn án, ìdáhùn rẹ̀ kò sàn ju ti ẹni tó ń méfò nínú mẹ́wàá lọ.

Ohun tó mú kí ìdánwò yìí ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu kì í ṣe pé ẹ̀rọ lè kọ́ nǹkan sórí, nítorí pé wọ́n ti mọ ìyẹn tipẹ́. Ó jẹ́ pé irú mọ́dẹ̀lì kan náà, tó ní agbára tó tó láti há irọ́ 50,000 sórí, ń ṣe dáadáa nígbà tí wọ́n bá fi orúkọ tòótọ́ kọ́ ọ: ó ń mọ ju mẹ́jọ lọ nínú mẹ́wàá àwòrán tí kò rí rí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mọ́dẹ̀lì tó ní nọ́ńbà púpọ̀ nínú gbọ́dọ̀ jẹ́ alákọ̀ọ́sórí dandan. Ohun tí ìdánwò náà fi múlẹ̀ ni pé máàkì tí mọ́dẹ̀lì gbà lórí àpẹẹrẹ tí wọ́n fi kọ́ ọ kò lè sọ fún wa bóyá òye ni tàbí àkọ́sórí. Yálà òtítọ́ ni wọ́n kọ́ ọ tàbí irọ́, máàkì náà kún.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ bóyá ẹ̀rọ kọ́ ọ sórí?

Ọ̀nà tí olùkọ́ gidi ń gbà náà ni. Kí olùkọ́ tó fi ìwé ìbéèrè lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, yóò ya ojú ìwé díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, yóò sì tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Bí ó bá ní àpẹẹrẹ 1,000, ó lè fi 800 kọ́ ẹ̀rọ, kí ó fi 200 pamọ́. Ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ fojú kan 200 náà títí ẹ̀kọ́ yóò fi parí. Lẹ́yìn náà ni yóò wá bi í, yóò sì kọ máàkì méjì sílẹ̀: ti 800 tí ó kọ́, àti ti 200 tí kò rí rí. Bí àkọ́kọ́ bá jẹ́ 90, tí èkejì sì jẹ́ 87, kò sí ìjà. Bí àkọ́kọ́ bá jẹ́ 99, tí èkejì jẹ́ 61, àkọ́sórí ni. Àlàfo tó wà láàárín máàkì méjèèjì ni kí ojú wa máa wò, kì í ṣe bí àkọ́kọ́ ṣe ga tó.

Bí ó ti rọrùn tó yìí, ọ̀pọ̀ ń bà á jẹ́, ọ̀nà méjì ni ó sì sábà máa ń gbà bàjẹ́. Èyí àkọ́kọ́ ni ohun tí gbogbo wa mọ̀ sí ẹ̀kísípò, ìyẹn ìbéèrè tó jáde kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Àwòrán kan náà lè wà nínú àkójọ ní ẹ̀ẹ̀mejì, kí ọ̀kan bọ́ sínú 800, kí èkejì bọ́ sínú 200. Tàbí kí ó jẹ́ pé àwòrán aláìsàn kan náà mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, kí mẹ́jọ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ, kí méjì lọ sínú dúrọ́ọ̀. Ẹ̀rọ yóò dá ẹni náà mọ̀, máàkì yóò ga, a ó sì rò pé àìsàn ni ó dá mọ̀. Fún ìdí èyí, ẹni tó mọṣẹ́ kì í pín àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan. Aláìsàn ni ó ń pín, kí ẹnikẹ́ni má baà wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Èkejì farasin jù bẹ́ẹ̀ lọ. Olùkọ́ bi akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè inú dúrọ́ọ̀, ó gba 61, olùkọ́ padà lọ tún ẹ̀kọ́ ṣe, ó tún bi í ní ìbéèrè kan náà, ó gba 66, ó tún padà lọ. Bí ó bá ṣe èyí ní ọgbọ̀n ìgbà, kò sí ẹni tó jí ìbéèrè wò, ṣùgbọ́n ìbéèrè inú dúrọ́ọ̀ náà ti di ìbéèrè àtijọ́. Olùkọ́ fúnra rẹ̀ ni ó ti kọ́ ọ sórí nípò ẹ̀rọ. Nítorí náà ni àwọn tó fẹ́ ṣe é dáadáa fi ń pín àpẹẹrẹ wọn sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí ẹ̀rọ ń kọ́, èyí tí olùkọ́ ń wò lemọ́lemọ́ nígbà tí ó bá ń tún ẹ̀kọ́ ṣe, àti èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní ṣí àfi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ìparí.

Àwọn tí ń ta ètò tẹ́tẹ́ kiri kì í tilẹ̀ sábà fi nǹkan kan pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀. Ìdíje sáà tó kọjá ni wọ́n fi kọ́ ọ, ìdíje sáà kan náà ni wọ́n sì fi dán an wò. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ rà á béèrè rọrùn: ẹ kọ àbájáde ìdíje ọgọ́rùn-ún tí wọn kò tíì gbá sílẹ̀, kí a fi ọjọ́ sí i, kí a sì kà á lẹ́yìn tí wọ́n bá gbá a tán. Ìdí tí mo fi sọ ọgọ́rùn-ún, tí n kò sọ mẹ́wàá, ni pé ìdíje kọ̀ọ̀kan ní àbájáde mẹ́ta: kí a borí, kí a pàdánù, tàbí kí a ta ọ̀mì. Ká tilẹ̀ ní àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba, nínú ìdíje mẹ́wàá, bí ènìyàn mẹ́tàlá bá ń méfò, a ń retí pé ọ̀kan nínú wọn yóò mọ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oríire lásán sì ni. Mẹ́tàlá kò sì tó iye àwọn tí ń ta irú ètò bẹ́ẹ̀.

Kí ni a lè ṣe sí i?

Ohun tó ń wo àkọ́sórí sàn jù ni àpẹẹrẹ púpọ̀. Ẹ padà sí olùkọ́ wa ní Ìbàrà. Bí ó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọgọ́rùn-ún ni ó ní dípò márùn-ún, mọ́dẹ̀lì tó ní nọ́ńbà márùn-ún kò ní lè gba orí gbogbo wọn kọjá mọ́, bó ti wù kó wọ́ tó. Ibà ẹnì kan àti oríire ẹlòmíràn yóò máa fa ìlà náà sí ọ̀nà òdìkejì, wọn yóò pa ara wọn rẹ́, ohun tó wọ́pọ̀ láàárín ọgọ́rùn-ún náà nìkan ni yóò sì kù fún ìlà láti tẹ̀lé. Ẹni tí ìwé ìbéèrè rẹ̀ bá nípọn ju ohun tí orí lè gbà lọ kò ní ọ̀nà mìíràn ju kí ó wá òye lọ.

Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ ń ná owó, nígbà mìíràn kò sì sí. Nígbà náà, a lè dín agbára mọ́dẹ̀lì kù, bí ìgbà tí a mú ìlà tààrà tí a sì fi èyí tó wọ́ sílẹ̀. A sì lè fi nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe pọ̀ tó, kí a máa bù máàkì kù fún un nígbàkígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá tóbi jù, nítorí pé ìlà kì í wọ́ gidigidi láìjẹ́ pé nọ́ńbà ńlá wà nínú rẹ̀. Mọ́dẹ̀lì yóò ṣì lè wọ́, ṣùgbọ́n yóò ní láti rí ìdí tó tóbi kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀, ibà ẹnì kan kò sì tó ìdí.

Ọ̀nà kẹta ni kí a dá ẹ̀kọ́ dúró lásìkò. Bí ẹ̀rọ bá ń kọ́ lọ, ẹ máa wo máàkì rẹ̀ lórí àpẹẹrẹ tí olùkọ́ fi ń tún ẹ̀kọ́ ṣe. Ní ìbẹ̀rẹ̀, máàkì méjèèjì yóò jọ máa gòkè. Tó bá yá, ti ẹ̀kọ́ yóò máa gòkè lọ ní tirẹ̀, nígbà tí ti àpẹẹrẹ tí kò rí rí yóò dúró, tí yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Àmì nìyẹn pé òye tó wà nínú ìwé ti tán, àti pé èèṣì ni ẹ̀rọ ń há sórí báyìí. Ibẹ̀ ni kí a ti dá a dúró.

Ó ní ibi tí gbogbo èyí mọ. Àpẹẹrẹ inú dúrọ́ọ̀ lè sọ bí mọ́dẹ̀lì yóò ṣe ṣe lórí ìbéèrè tuntun, bí ìbéèrè tuntun náà bá wá láti ibi kan náà pẹ̀lú èyí tó kọ́. Bí olùkọ́ Ìbàrà bá fi akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ̀rún kan kọ́ mọ́dẹ̀lì rẹ̀, tí gbogbo wọn jẹ́ ọmọ àárín ìlú tó ní iná tó dára lálẹ́, tí ó sì tún fi igba mìíràn tó wá láti ibi kan náà dán an wò, máàkì méjèèjì lè dọ́gba láìsí àlàfo kankan. Kí ó wá gbé mọ́dẹ̀lì náà lọ sí abúlé kan ní Ọ̀dẹ̀dá, níbi tí wákàtí mẹ́ta ìwé kíkà ti jẹ́ lábẹ́ àtùpà lẹ́yìn iṣẹ́ oko, ó lè ṣìnà gidigidi níbẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àkọ́sórí mọ́, nítorí pé mọ́dẹ̀lì náà lóye ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Sílábọ́ọ̀sì ni ó yàtọ̀. Dúrọ́ọ̀ tí wọ́n kó ìbéèrè Ìbàrà nìkan sí kò sì lè fi í hàn, àfi kí olùkọ́ náà lọ sí Ọ̀dẹ̀dá kí ó lọ gba àpẹẹrẹ ibẹ̀ wá.